Káàdì Mi Mọ Àwòrán, Kò Mọ Ọwọ́

Tírẹ́ẹ̀dì gígùn nìyí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ànátómì, ẹ wá ibi jókòó sí. Ẹ̀yin tó kù, ẹ kà á bí ìtàn ẹni tó mọ gbogbo ìdáhùn tó sì tún gbé ìdánwò.

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, àbúrò mi obìnrin fi àwòrán ojú fóònù rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wáásáàpù. Ọdún kejì ló wà níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ńbà kan ló wà nínú àwòrán náà: káàdì 412. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Àǹtí mi, ẹ wò ó, mo ti sọ gbogbo sílàìdì di fíláṣíkáàdì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí a ṣe ìdánwò, mo ti parí tèmi."

Mo ní kó fi ẹyọ kan ránṣẹ́ kí n rí i. Ó fi ti eegun ọrùn ọwọ́ ránṣẹ́. Bí mo ṣe ṣí i báyìí, àyà mi já. Irú káàdì tó gbé mi ṣubú nígbà tí èmi náà wà nílé ìwé gan-an ni, àfi bíi pé ó lọ jí i nínú láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Áàpù kan wà tí wọ́n ń pè ní Anki. Damien Elmes ló ṣe é, láti ọdún 2006 ló ti wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa gbé káàdì síwájú rẹ, kó bi ọ́ ní ìbéèrè, kó wá fi bó o ṣe dáhùn mọ ìgbà tó yẹ kó tún gbé káàdì yẹn wá. Èyí tó o gbà, ó di ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó o kùnà, ó ń padà bọ̀ kíákíá.

Irú káàdì kan wà nínú rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Image Occlusion. Wàá gbé àwòrán kan síbẹ̀, bíi sílàìdì tó ní eegun mẹ́jọ pẹ̀lú orúkọ wọn. Wàá fi ìbòjú kékeré kékeré bo àwọn orúkọ náà. Áàpù á wá sọ àwòrán kan ṣoṣo yẹn di káàdì mẹ́jọ, káàdì kọ̀ọ̀kan á máa bi ọ́ nípa eegun kan. Tẹ́lẹ̀ rí, àfikún lèèyàn ń gbé sórí Anki kó tó lè ṣe é. Láti ẹ̀dà 23.10 ló ti wà nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń gbà. Ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Ó rọrùn débi pé èèyàn lè ṣe 412 lóru ọjọ́ kan láì ronú sí ẹyọ kan.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọdún tí mò ń sọ yẹn.

Ìdánwò wa, sitípùlùṣéèsì là ń pè é. Wọ́n á to tábìlì yí yàrá ká, eegun tàbí ẹ̀yà ara òkú á wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lẹ bébà pélébé mọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kó o dárúkọ. Ìṣẹ́jú kan péré lo ní nídìí tábìlì kan. Aago á dún, wàá sún sí èyí tó kàn, bó o kọ nǹkan bó ò kọ nǹkan.

Nídìí tábìlì kẹta, eegun ọwọ́ ni mo bá. Eegun gidi ni, wọ́n fi wáyà so wọ́n pọ̀, ìka wà lókè, ọrùn ọwọ́ wà nísàlẹ̀. Ẹ má gbàgbé pé eegun mẹ́jọ ló wà lọ́rùn ọwọ́, wọ́n tò sí ẹsẹ̀ méjì, mẹ́rin mẹ́rin. Bébà A wà lára eegun tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀tún nínú ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀. Bébà B wà lára eegun tó wà ní ìpẹ̀kun òsì nínú ẹsẹ̀ òkè. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ti tó ìgbà ogójì tí mo ti rí àwòrán yìí. Mo kọ Scaphoid síwájú A, mo kọ Hamate síwájú B, mo tún ń wo aago pé kí ló dé tí kò tíì dún.

Àtàǹpàkò ọwọ́ náà wà lápá òsì mi. Mi ò tiẹ̀ wò ó.

Nínú sílàìdì wa, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n yà, àtẹ́lẹwọ́ ló kọjú sí wa, nítorí náà àtàǹpàkò wà lápá ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún náà ló wà lórí tábìlì o, àmọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n dojú rẹ̀ kọ wá. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè báyìí, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ wá yí i kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ rí i pé àtàǹpàkò ti bọ́ sí òdì kejì? Gbogbo eegun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá a lọ. A jẹ́ Triquetrum. B jẹ́ Trapezium. Odindi ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo kà láti ẹ̀yìn wá síwájú.

Máàkì 46 ni mo ní. 50 ni wọ́n fi ń yege. Ìbéèrè méjì yẹn, máàkì méjì méjì ni. Ẹ ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra yín.

Mo padà wá tún un ṣe nígbà ìsinmi, bàbá mi tún san owó ilé gbígbé lẹ́ẹ̀kejì. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ṣebí o ní o mọ̀ ọ́n." Ìyẹn dùn mí ju ìbáwí lọ, torí pé lóòótọ́ ni mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Áàpù náà ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé mo mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà náà ni pé ohun tó bá kù sójú àwòrán lẹ́yìn tó o ti bo orúkọ, òun ni káàdì ń kọ́ ẹ. Èmi ti jẹ́ kí nǹkan púpọ̀ jù kù síta.

Nítorí náà, lálẹ́ Sátidé yẹn, mo pe àbúrò mi. Mo ní, "Jókòó sídìí láptọ́ọ̀pù ẹ, a máa tún sílàìdì kan yìí ṣe." Ó ní, "Ẹyọ kan péré, Àǹtí mi? Nínú 412?" Mo ní ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí n to orúkọ inú sílàìdì náà síbí. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ apá, láti ìhà àtàǹpàkò lọ sí ìhà ọmọńdinrín: Scaphoid, Lunate, Triquetrum, Pisiform. Ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ìka, láti ìhà àtàǹpàkò náà: Trapezium, Trapezoid, Capitate, Hamate. Láti ibí lọ, mo máa kọ wọ́n bá a ṣe ń fẹnu pè wọ́n: sikáfọ́ìdì, lúnéètì, tiraikuẹ́tírọ́ọ̀mù, písífọ́ọ̀mù, tirapísíọ́ọ̀mù, tirápísọ́ìdì, kápítéètì, háméètì. Ẹ máa bínú sí ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ, kì í ṣe èmi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ó ti lo Hide One, Guess One. Ọ̀nà méjì ni áàpù náà máa ń fún ẹ nígbà tó o bá ń ṣe káàdì. Tó o bá mú Hide One, Guess One, orúkọ kan ṣoṣo ló máa bò, méje yòókù á wà níta gbangba. Ìwọ náà rò ó wò. Tí méje bá ti wà níta, kí lo tún fẹ́ rántí? Wàá kàn wo èyí tí kò sí níbẹ̀. Mo ní kí àbúrò mi dáhùn káàdì kápítéètì, ó dáhùn kíá. Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Òun ló kù." Ẹ gbọ́ nǹkan.

Mo ní kó yí i sí Hide All, Guess One. Ní tibẹ̀, gbogbo orúkọ ló máa wà lábẹ́ ìbòjú, èyí tí wọ́n ń bi ọ́ nípa rẹ̀ ló máa ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Bó o bá ṣí ìdáhùn, ẹyọ yẹn nìkan ló máa ṣí. Tó o bá fẹ́ rí àwọn yòókù kó o lè fi wé ara wọn, bọ́tìnì Toggle Masks wà nísàlẹ̀ fún un.

Mi ò ní Hide One, Guess One ò dáa rárá o. Tó bá jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń pẹ̀ka lò ń kọ́, tó o sì fẹ́ mọ ẹ̀ka tó tẹ̀ lé èyí tó o ti mọ̀, ó dáa kó o rí àwọn tó yí i ká. Àmọ́ eegun mẹ́jọ nínú àpò kan? Bò wọ́n pátá.

Lẹ́yìn náà la wá dé orí ìbòjú fúnra rẹ̀. Ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀.

Àbúrò mi ti ya ìbòjú tirẹ̀ kó ṣe wẹ́kú pẹ̀lú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ó rí rèǹtè rente. Àmọ́ ìbòjú háméètì kúrú, ti tiraikuẹ́tírọ́ọ̀mù gùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ojú ẹ á ti mọ̀ pé èyí tó gùn yẹn ni tiraikuẹ́tírọ́ọ̀mù, wàá sì rò pé eegun lo mọ̀. Nítorí náà, ya ìbòjú kan tó bo orúkọ tó gùn jù, kó o wá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí àwọn méje yòókù. Kí gbogbo wọn gùn dọ́gba bíi búlọ́ọ̀kù.

Orúkọ ni kó o bò, má bo eegun. Ìlà tó ti ara orúkọ lọ kan eegun, fi í sílẹ̀ títí dé orí rẹ̀, torí òun ló ń tọ́ka. Nínú sílàìdì àbúrò mi, wọ́n kọ orúkọ písífọ́ọ̀mù sórí eegun náà fúnra rẹ̀, eegun yẹn sì kéré bí ẹ̀wà. Bó o bá bo orúkọ náà, o ti bo eegun nìyẹn, ìbòjú lásán ló kù tí wàá máa dárúkọ. Mo ní kó pa orúkọ yẹn rẹ́ nínú áàpù tó fi ń tún fọ́tò ṣe, kó fa ìlà láti ara eegun síta, kó tẹ orúkọ náà sí ìparí ìlà, kó tó gbé àwòrán náà wá sínú Anki. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Ó tún ku àkọlé sílàìdì àti ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ wọn ti to orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán ní kíkún. Àbúrò mi bo èyí tó wà lára àwòrán, ó gbàgbé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́! Ẹ gé e kúrò. Kí àwòrán náà nìkan kù.

Ti àwọ̀ ńkọ́? Wọ́n fi àwọ̀ kun eegun kọ̀ọ̀kan nínú sílàìdì yẹn, sikáfọ́ìdì jẹ́ yẹ́lò, lúnéètì jẹ́ búlúù. Ó dùn ún wò. Àmọ́ mi ò tíì rí eegun búlúù rí. Mo ní kó sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun. Ó pariwo pé gbogbo rẹ̀ ti wá jọra. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, bí wọ́n ṣe máa jọra lórí tábìlì nìyẹn. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wo bí eegun ṣe rí: pé kápítéètì ló tóbi jù láàárín wọn, pé lúnéètì tẹ̀ bí oṣù tuntun tó o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, pé háméètì ní ìkọ́ kan tó yọ síwájú lápá àtẹ́lẹwọ́.

Títí dé ibí, káàdì náà ti dáa ju tèmi àtijọ́ lọ. Síbẹ̀, ó ṣì máa gbé e ṣubú nídìí tábìlì kẹta yẹn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló ṣì mọ̀, láti ojú kan ṣoṣo.

Mo ní, "Dá fóònù ẹ dorí kodò, kó o wá dáhùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ." Ó rò pé àwàdà ni. Ó ṣe é. Marùn-ún ló gbà nínú mẹ́jọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù tí mo mọ̀ láti fi dán káàdì wò nìyẹn. Àmì kejì ni tó o bá ti ń dáhùn kó o tó rí ibi tí ìlà tọ́ka sí. Bí ojú ẹ bá kan igun àwòrán lásán, tí ẹnu ẹ ti ń sọ "lúnéètì," káàdì yẹn ti kú, àwòrán lo ń kí.

Nítorí náà, eegun kan gbọ́dọ̀ wà nínú àwòrán tó ju ẹyọ kan lọ. Mẹ́ta la ṣe fún ọrùn ọwọ́. Àkọ́kọ́ ni sílàìdì olùkọ́ wọn tá a ti fọ̀ mọ́. Èkejì ni àwòrán ẹ̀yìn ọwọ́. Ẹ lè rí irú ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ìwé Gray's Anatomy ti ọdún 1918, ẹ̀tọ́ àdáni orí ẹ̀dà yẹn ti parí, ẹnikẹ́ni ló lè lò ó. Ọwọ́ òsì ni wọ́n yà níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wà, ẹ̀yìn ọwọ́ wà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: orúkọ àtijọ́ ló wà nínú ìwé yẹn. Navicular ló ń pe sikáfọ́ìdì, tirapísíọ́ọ̀mù sì ń jẹ́ greater multangular. Ẹ pa wọ́n rẹ́, kẹ́ ẹ tẹ ti òde òní síbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀ ń kó wàhálà tuntun ra.

Ẹ̀kẹta, ẹ kàn yí àwòrán àkọ́kọ́ sí òdì kejì bíi ti inú dígí. Ọwọ́ ọ̀tún á di ọwọ́ òsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́tà á yí pẹ̀lú, nítorí náà ẹ pa orúkọ rẹ́ kẹ́ ẹ tó yí i, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá yí i tán. Ọwọ́, ẹsẹ̀, ohun tó bá ti ní méjì tó jọra nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe èyí fún o. Ẹ má yí àwòrán ọkàn tàbí ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ máa bọ́ sápá òsì, ẹ̀yin náà á sì máa kọ́ ara ẹni tí kì í ṣe ara wa.

Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Header, ohun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀ máa ń hàn pẹ̀lú ìbéèrè. Àbúrò mi fẹ́ kọ "ọwọ́ òsì, ẹ̀yìn ọwọ́" síbẹ̀. Mo ní rárá, kọ ọ́ sí Back Extra, èyí tó ń hàn lẹ́yìn tó o bá ti dáhùn. Ta ló máa kọ ọ́ sórí tábìlì fún ẹ lọ́jọ́ ìdánwò? Kó o tó dárúkọ eegun kankan, wàá kọ́kọ́ sọ ọwọ́ tó jẹ́ àti ojú tó kọ sí ọ. Wá àtàǹpàkò. Lẹ́yìn náà, wá písífọ́ọ̀mù àti ìkọ́ háméètì. Tó o bá rí wọn níwájú, àtẹ́lẹwọ́ lò ń wò. Tó ò bá rí wọn, ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Ká ní mo lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá fún ìyẹn, máàkì mẹ́rin mi ì bá wà lápò mi.

Nínú Back Extra yẹn náà la kọ ohun kan nípa sikáfọ́ìdì sí, torí ó wúlò fún nọ́ọ̀sì: ẹni tó bá ṣubú tó fi ọwọ́ tilẹ̀, òun ló máa ń kán jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tẹ́ ẹ bá na àtàǹpàkò yín sókè, kòtò kékeré kan á yọ nídìí rẹ̀. Tí ibẹ̀ bá ń dùn ún tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ìhà ìka ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú eegun náà jù, nítorí náà tó bá kán láàárín, apá tó sún mọ́ apá wa lè má rí ẹ̀jẹ̀, ó sì lè kú. Ohun kan péré la kọ síbẹ̀ nítorí pé Back Extra kan náà ni káàdì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń pín. Tó o bá kún un, o ò ní kà á.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún wa. Káàdì mẹ́jọ tó ti inú àwòrán kan jáde, ọmọ ìyá ni wọ́n. Tẹ́ ẹ bá fi áàpù sílẹ̀ bó ṣe wà, ó lè gbé wọn wá tẹ̀ lé ara wọn. O dárúkọ sikáfọ́ìdì, o ṣí i, lúnéètì tẹ̀ lé e, o ṣí i, tó o bá fi máa dé ẹ̀kẹjọ, kò sí ohun tó kù láti rò. A tún ti padà sí "òun ló kù." Ẹ lọ sí Deck Options, ẹ tan Bury new siblings àti Bury review siblings. Tẹ́ ẹ bá ti rí ọ̀kan lónìí, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ á fara pa mọ́ di ọ̀la.

Ó ní iye tó ń náni o. Ọ̀kan lójúmọ́ túmọ̀ sí pé ọjọ́ mẹ́jọ ni àwòrán kan máa gbà kẹ́ ẹ tó rí gbogbo eegun inú rẹ̀. Níbi tá a dé nìyẹn tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́. Áàpù náà ń fúnni ní káàdì tuntun 20 lójúmọ́ tẹ́ ẹ ò bá yí i padà. Mo ní kó pín 412 sí 20. Ó ní, "Ogún ọjọ́ ó lé." Mo ní ọjọ́ mélòó ló kù? Ó ní mọ́kànlélógún.

Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé káàdì tó kẹ́yìn, alẹ́ tó ṣáájú ìdánwò ló máa kọ́kọ́ rí i, ìyẹn tí kò bá fo ọjọ́ kankan, tí iná sì wà.

"Àǹtí mi, kí ni kí n yọ?"

A jọ kà á. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni iye tó jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán. Ó ti fi ìbòjú bo orúkọ olùkọ́. Ó ti ṣe káàdì fún ọfà tó kàn ń sọ "ojú ewé tó kàn." Àwòrán kan wà tó ní orúkọ 31, tí olùkọ́ wọn sì sọ fún wọn pé mẹ́sàn-án péré ni kí wọ́n mọ̀. Nígbà tá a fi máa dúró, aago kan òru ti lù, 160 ló kù. Mo ní kó fi àyè sílẹ̀ fún àwòrán kejì àti ìkẹta àwọn ibi tó le: ọrùn ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀, àti ihò abẹ́ agbárí. Àwọn yòókù, àwòrán kan tó.

Mo tún sọ fún un pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni irú káàdì yìí ń bi èèyàn: ó ń fi ibì kan hàn ọ́, ó ní dárúkọ rẹ̀. Kì í pe orúkọ kó ní tọ́ka síbẹ̀. Olùkọ́ tó ń bi ni ní ìbéèrè lójúkojú sì fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Mi ò mọ ọgbọ́n áàpù kankan fún un tó dà bí ara ẹni fúnra rẹ̀. Nígbà tí mò ń múra láti tún ìdánwò ṣe, nínú ọkọ̀ ni mo ti máa ń tẹ ọrùn ọwọ́ mi. Písífọ́ọ̀mù rọrùn, ó yọ gbundu nídìí àtẹ́lẹwọ́ níhà ọmọńdinrín. Obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí nígbà kan pé ṣé ọwọ́ ń dùn mí ni. Mo ní rárá, mà, ìdánwò ni. Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é.

Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò mi tún kọ̀wé sí mi. Ó ti dá fóònù dorí kodò, ó gba méje nínú mẹ́jọ. Tirápísọ́ìdì ló ṣì ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo ní kó wá ìka ìfábẹ̀lá, kó tẹ̀ lé eegun rẹ̀ gùn láti orí ìka bọ̀ wá sọ́rùn ọwọ́, eegun kékeré tó bá kọlù ni.

Ó rí i, àmọ́ kò dá mi lóhùn títí di alẹ́. Ó ní òun wà nínú ọkọ̀, òun ń tẹ ọwọ́ òun, àwọn èèyàn ń wo òun.